Omi Ò Ní Yọ Láti Aago Mẹ́jọ: Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Ìkéde Fífọ Táńkì

Ìwé pélébé kan ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Kẹ́ẹ̀tékà á fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì, alámòójútó ilé á ya fọ́tò rẹ̀ sórí Wàsáàpù àwọn ayálégbé, ìdáhùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹnì kan á ní, "Ẹ ṣé o, sà." Ẹlòmíràn á béèrè pé, "Ṣé omi á ti dé kí n tó ti òde ìgbéyàwó dé?" Ìyá kan ní ilé òkè á kọ ọ́ pé, "Ọmọ tuntun ń bẹ lọ́wọ́ mi o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kì í pọ̀. Irú èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń gbé fúláàtì ní Èkó kò ju báyìí lọ:

"Sí gbogbo ayálégbé. A ó fọ táńkì omi lọ́jọ́ Sátidé. Omi kò ní yọ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjìlá ọ̀sán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pọn omi pamọ́. Ẹ má bínú."

Ìwé ọmọlúàbí ni. Àmọ́ ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fọ táńkì á dúró lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀: láti aago mẹ́jọ sí aago méjìlá. Iye wákàtí yẹn ló ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe gan-an fún omi tí gbogbo ilé fi ń se ọbẹ̀, tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ. Ayálégbé tó bá lè kà á á mọ̀, kí Sátidé tó dé, bóyá ẹrọ̀fọ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ kó kúrò ni, àbí wọ́n tún fẹ́ pa kòkòrò àrùn. Iṣẹ́ méjì nìyẹn, wákàtí wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

Púpọ̀ nínú omi tó ń yọ nílé àwọn ará Èkó, inú bóhóòlù ló ti ń wá. Pọ́ńpù á fà á láti abẹ́ ilẹ̀ lọ sínú táńkì orí òpó, táńkì á sì dà á sílẹ̀ fún gbogbo ilé. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, irin wà nínú omi abẹ́ ilẹ̀ yìí. Nígbà tó bá kọ́kọ́ jáde, ó máa ń mọ́ gaara, nítorí pé irin náà ti yọ́ pọ̀ mọ́ omi. Tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án nínú táńkì, irin náà á dípẹtà, á di ẹrọ̀fọ̀ pupa, á sì rọra silẹ̀ sísàlẹ̀.

Ká ní èèyàn gun àkàbà lọ sókè, ó ṣí ìdérí táńkì tí wọn ò fọ̀ fún ọdún méjì, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹrọ̀fọ̀ pupa ló máa rí, tó dà bíi pé wọ́n fi ilẹ̀ amọ̀ po omi. Bí ìdérí táńkì ò bá pa dáadáa, ekuru, ìyẹ́ ẹyẹ, nígbà míì òkú aláǹgbá, á máa léfòó lójú omi. Tó bá wá na ọwọ́ kan ògiri táńkì, ọwọ́ rẹ̀ á yọ̀ bíi pé ó fi kan ilá. Ohun tó ń yọ̀ yìí ló yẹ kó ká èèyàn lára jù. Kòkòrò àìfojúrí ló kóra jọ síbẹ̀, tí wọ́n tu ikun bo ara wọn bíi ti ìgbín.

Kilorínì ni wọ́n fi ń pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kilorínì kì í yan ohun tó máa bá jà. Bó bá ti dé inú táńkì, á kọ́kọ́ bá ẹrọ̀fọ̀ irin jà, á bá ikun tó wà lójú ògiri jà, agbára rẹ̀ á sì ti tán kó tó kan kòkòrò tó wà lábẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìfowóṣòfò láti da bílíìṣì sínú táńkì tí wọn ò tíì gbo. Àwọn kẹ́ẹ̀tékà kan a máa ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n á da ìgò méjì sí i lálẹ́, òórùn á gba gbogbo ilé lọ́jọ́ kejì, àwọn ayálégbé á sì gbà pé wọ́n ti fọ táńkì. Ikun yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Omi pupa ló sábà máa ń mú káwọn ará ilé pariwo pé kí wọ́n wá fọ táńkì. Páìpù tó ń gbé omi lọ sínú ilé kì í wà nísàlẹ̀ táńkì gan-an. Wọ́n máa ń gbé e sókè díẹ̀ kí ẹrọ̀fọ̀ má baà wọ̀ ọ́. Bí ẹrọ̀fọ̀ bá wá ga dé ẹnu páìpù, tàbí tí omi inú táńkì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, omi pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Aṣọ funfun àti báàfù ni omi pupa yìí ń bà jẹ́ jù. Kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti onígbáméjì ní tiwọn kì í yí àwọ̀ omi padà. Ilé tí omi rẹ̀ mọ́ lójú lè wà nínú ewu ju ilé tí omi rẹ̀ pupa lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún pípa kòkòrò inú táńkì kò le. Tí wọ́n bá ti gbo táńkì tán, tí wọ́n sì ti ṣàn án nù, wọ́n á fa omi tó mọ́ dé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Wọ́n á wá wọ́n kilorínì oníyẹ̀fun, èyí tó lágbára, sínú omi náà: gíráàmù 80 fún ẹgbẹ̀rún lítà kọ̀ọ̀kan tí táńkì ń gbà. Wọ́n á fa omi kún un dé ẹnu, wọ́n á dé e, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí wọ́n bá nílò omi kíákíá, wọ́n lè sọ kilorínì di ìlọ́po méjì, kí àkókò náà wálẹ̀ sí wákàtí 8. Lẹ́yìn náà, gbogbo omi yẹn á di dídànù, wọ́n á sì fa omi tuntun.

Wákàtí 24, tàbí 8. Èwo nínú méjèèjì ló lè wọ àárín aago mẹ́jọ àti aago méjìlá?

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ, ká sì ka wákàtí rẹ̀. Fúláàtì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, èèyàn inú rẹ̀ tó 40, táńkì kan tó gba 10,000 lítà ni gbogbo wọn ń lò, pọ́ńpù wọn sì ń fa 2,000 lítà ní wákàtí kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé. Títú omi tó kù sílẹ̀, kíkó ẹrọ̀fọ̀, gbígbo ògiri àti ṣíṣàn án gbà wọ́n títí di aago méjìlá. Wọ́n da kilorínì gíráàmù 800 sí i, wọ́n sì ń fa omi. Wákàtí márùn-ún ni táńkì yẹn máa fi kún, ó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24, ìrọ̀lẹ́ Sunday ni wọ́n máa tó tú u dànù. Títú u gba wákàtí bíi méjì, kíkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì gba márùn-ún mìíràn. Ọ̀gànjọ́ òru Sunday ni táńkì náà máa kún. Bí wọ́n bá sì lo ìlọ́po méjì, gíráàmù 1,600, fún wákàtí 8, nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ Sunday ni iṣẹ́ á parí. Odindi ọjọ́ kan nìyẹn láìyẹ̀.

Gbogbo ìṣirò yìí ló gbà pé iná wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni pọ́ńpù máa kún táńkì, 20,000 lítà ló máa fà. Bí iná ìjọba bá lọ ní aago kan ọ̀sán tí kò sì sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, ìlérí tó wà lára géètì ti yẹ̀ nìyẹn. Alámòójútó tó mọṣẹ́ máa ń ra epo sílẹ̀ láti ọjọ́ Friday, ó sì máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ìkéde pé òun ti rà á, nítorí ìbéèrè tí àwọn ayálégbé máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.

Ọ̀nà kan tó yá ju èyí lọ wà, ó sì tọ́ ká sọ ọ́ kí a má baà fi alámòójútó olóòótọ́ pe òpùrọ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ omi ní Amẹ́ríkà gbà pé dípò kí wọ́n fi omi oníkilorínì kún táńkì, wọ́n lè po èyí tó le gan-an, mílígíráàmù 200 nínú lítà kan, kí wọ́n fi fín gbogbo ojú ògiri táńkì tàbí kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, kó sì wà níbẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30 kí wọ́n tó ṣàn án. Bí bílíìṣì tí wọ́n fẹ́ lò bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 3.5 sí lára nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí ìdajì ife tíì nínú korobá omi 20 lítà ló máa fún wọn ní agbára yẹn. Bílíìṣì lásán ni kó jẹ́, tí kò ní òórùn dídùn, tí kò sì tíì pẹ́ nínú oòrùn, torí oòrùn máa ń gba agbára rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe po ó mọ́ oògùn ìfọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì nínú. Gáàsì tó máa jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Lọ́nà yìí, ilé àpẹẹrẹ wa á ti gbo táńkì tán ní aago méjìlá, á ti kùn ún, á sì ti ṣàn án ní aago kan, omi á sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ ní aago méjì bí táńkì bá ṣe ń kún. Nítorí náà, ìwé tó bá sọ pé aago méjìlá lomi máa dé ti yá jù fún èyí pàápàá. Àfi tí kò bá sí kilorínì nínú iṣẹ́ náà rárá.

Ibi tí ọgbọ́n alámòójútó ti ń hàn jù ni ilé tó ní táńkì méjì. Ká ní dípò ẹyọ kan tó gba 10,000 lítà, méjì tó gba 5,000 ni ilé àpẹẹrẹ wa ní. Bí èèyàn 40 bá ń lo 50 lítà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, 2,000 lítà ni gbogbo ilé ń lò. Táńkì kan ṣoṣo tó kún á tó wọn fún ọjọ́ méjì. Tí fáàfù bá wà lẹ́nu táńkì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ti ti èyí tí wọ́n fẹ́ fọ̀, wọ́n á fi wákàtí 24 rẹ̀ fún un, èkejì á sì máa pèsè omi. Omi ò ní lọ rárá. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, ọ̀pọ̀ pọ́ńbà kàn máa ń fi páìpù so táńkì méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀ láìfi fáàfù sí i, kí owó má baà pọ̀. Tí omi bá dúró nínú ọ̀kan, á dúró nínú èkejì. Fáàfù méjì tí wọn ò rà lọ́jọ́ yẹn ló ń gba omi lọ́wọ́ ogójì èèyàn lónìí. Ilé tó bá fẹ́ fọ táńkì ló yẹ kó lo àǹfààní yẹn láti fi fáàfù sí i, torí inú páìpù á ṣófo lọ́jọ́ náà.

Gbólóhùn "ẹ pọn omi pamọ́" náà yẹ ká tú u wò. Òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń ṣètò omi fún àwọn tí àjálù lé kúrò nílé ń lò jẹ́ 15 lítà fún èèyàn kan lóòjọ́, fún mímu, oúnjẹ àti ìmọ́tótó. Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún nílò 75 lítà, ìyẹn kéègì 25 lítà mẹ́ta. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yàtọ̀, torí ẹ̀ẹ̀kan téèyàn bá da omi sí i lè gba lítà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní dúróòmù kó kún un. Ẹni tí kò ní, kó fi kéègì mẹ́ta mìíràn kún un fún ọjọ́ kan.

Ọjọ́ Thursday tàbí Friday ló yẹ kí wọ́n pọn ọ́n, kí i ṣe aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé. Nígbà tí fúláàtì mẹ́jọ bá ṣí ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, omi inú táńkì á lọ sílẹ̀ kíákíá, ẹrọ̀fọ̀ ìsàlẹ̀ á rú, òun gan-an ló sì máa wọ inú kéègì àwọn tó pẹ́ dé. Ìyá ọlọ́mọ tuntun yẹn lè wá rí i pé omi tí òun fi pamọ́ fún ọmọ ló dọ̀tí jù lọ nínú gbogbo ilé.

Kí wọ́n tó jáde nílé lọ́jọ́ náà, nǹkan méjì ló yẹ kí wọ́n tì. Àkọ́kọ́ ni ṣíwíìṣì ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Bí omi bá tán nínú rẹ̀ tí iná sì wà lára rẹ̀, irin ìgbóná inú rẹ̀ á jó. Èkejì ni gbogbo ẹnu ẹ̀rọ omi. Ẹnìkan á ṣí ẹ̀rọ ìdáná, omi ò yọ, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á lọ sóde. Omi á dé ní aago méjì, á bá àwo àti kànìnkànìn tó dí ihò síǹkì, á kún, á ṣàn bo ilẹ̀, á sì máa kán sórí bẹ́ẹ̀dì ẹni tó ń gbé ní ìsàlẹ̀. Ìjà tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀ láàárín ayálégbé máa ń pẹ́ ju omi lọ.

Tí omi bá padà, afẹ́fẹ́ inú páìpù ló máa kọ́kọ́ tú jáde, ẹ̀rọ á máa fọn, á máa gbọ̀n. Ìpẹtà tó ti lẹ̀ mọ́ inú páìpù á bá a jáde. Kí wọ́n rọra ṣí ẹ̀rọ kan, tó bá ṣeé ṣe èyí tó wà níta tàbí ti ilé ìdáná, títí omi á fi mọ́, kí wọ́n tó ṣí ti balùwẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi omi àkọ́kọ́ yẹn fọ aṣọ funfun. Ní ti mímu, imú nìkan ò tó. Bébà tàbí oògùn kékeré tí wọ́n fi ń wọn kilorínì nínú omi adágún ìlúwẹ̀ ni kí alámòójútó lò: bí kilorínì tó kù nínú omi tuntun bá jẹ́ 0.5 mílígíráàmù nínú lítà kan tàbí kó dín, ó ti ṣeé lò. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tún tú u, kí wọ́n sì fa òmíràn. Omi oníkilorínì tí wọ́n ń dà nù kò gbọ́dọ̀ lọ sínú sokawéè, nítorí á pa kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ níbẹ̀. Kò sì dára fún ọgbà tàbí adágún ẹja.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó máa wọ inú táńkì ló kù, ìwé ìkéde kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dárúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni lọ́pọ̀ ìgbà, tó bọ́ bàtà, tó gba ẹnu tóóró wọlé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ kò tó nǹkan, òórùn kilorínì sì lè mú un lọ́fun. Ohun tó burú jù ni kí wọ́n gbé pọ́ńpù onípẹtiróòlù tàbí jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu táńkì tàbí inú rẹ̀ láti fa omi ìsàlẹ̀ jáde. Gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ojú ò lè rí, tó lè dá èèyàn kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀; ẹni tó bá sáré wọlé láti fa ẹnìkejì rẹ̀ yọ sábà máa ń ṣubú tẹ̀ lé e. Ìdérí gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, ẹ̀rọ elépo gbọ́dọ̀ jìnnà, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu táńkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí okùn tí wọ́n so mọ́ ẹni tó wà nínú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kilorínì, wọ́n á wọ́n ọn láti ẹnu táńkì, kì í ṣe látinú.

Ní ti owó, inú owó àbójútó ilé ni ti fífọ táńkì sábà máa ń wà. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ọdún 2011 sọ pé onílé tàbí aṣojú rẹ̀ tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní rìsíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà. Kilorínì tí wọ́n sọ pé àwọn rà yẹ kó wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn.

Báwo ni ìwé ìkéde tó pé á ṣe rí? Kò ní gùn jù:

"Sí gbogbo ayálégbé. A ó fọ táńkì lọ́jọ́ Sátidé, a ó sì fi kilorínì pa kòkòrò inú rẹ̀. A kò ní fa omi mọ́ láti alẹ́ Thursday, nítorí náà ẹ pọn tiyín kó tó di ọjọ́ Friday, kéègì mẹ́fà fún èèyàn márùn-ún. Omi á dá ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, á sì padà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Sunday. A ti ra epo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀. Bí omi bá yọ tó ní òórùn kilorínì láàárín àkókò yìí, ẹ má lò ó. Ẹ pa ṣíwíìṣì ẹ̀rọ ìgbóná omi, ẹ ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ. A ó wọn kilorínì inú omi tuntun, a ó sì kọ èsì rẹ̀ síbí kí ẹ tó mu ún."

Bí èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì yín kò bá sọ tó bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ Sátidé. Ẹ pe alámòójútó yín lónìí, kí ẹ sì bi í ní mẹ́ta péré: kilorínì gíráàmù mélòó ni ẹ fẹ́ lò, wákàtí mélòó ló máa fi wà nínú táńkì, ta ló sì máa dúró sẹ́nu táńkì nígbà tí ọmọkùnrin yẹn bá wọlé?